Ìránnilétí fóònù yín kò dún? Bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó pa á lẹ́nu mọ́

Ìbéèrè kan náà ni mo ń gbà ṣáá: "Mo ṣètò ìránnilétí sí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kò dún. Mo tún un ṣe sí ìṣẹ́jú méjì sí i, ó dún geere. Kí ló ṣe é?" Kí ẹni náà tó bi mí, ó ti yọ áàpù kúrò lẹ́ẹ̀mejì, ó ti pa fóònù, ó sì ti tún un tàn. Ìdánwò ìṣẹ́jú méjì yẹn ló ń tan gbogbo wa jẹ. Ojú fóònù ṣì ń tàn nígbà náà, ó ṣì wà lọ́wọ́ yín, kò tíì sùn. Ẹ̀yìn tó bá sùn ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Fóònù Android ni mo máa fi ṣàlàyé jù, torí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Ti iPhone wà nísàlẹ̀, kò gùn. Àwọn orúkọ tí mo kọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe hàn lójú fóònù lè yàtọ̀ díẹ̀ lórí tiyín, nítorí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù kọ̀ọ̀kan ló ń to `Settings` bó ṣe wù ú.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìdákẹ́ tó jẹ́

"Kò dún" lè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta, oògùn wọn ò sì jọra:

- Ó jí lásìkò, ó hàn lójú fóònù, ṣùgbọ́n kò pariwo.
- Ó jí, àmọ́ ó pẹ́.
- Kò jí rárá.

Ẹni tí kò bá tíì mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan ní `Settings`. Láti Android 11 lọ sókè, fóònù ní ìwé àkọsílẹ̀ tó lè jẹ́rìí fún yín. Bí ẹ ṣe máa tàn án nìyí:

1. Ẹ lọ sí `Settings`, lẹ́yìn náà `Notifications`, lẹ́yìn náà `Notification history`.
2. Ẹ tan `Use notification history`. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó tàn án kò ní í sí níbẹ̀, nítorí náà alẹ́ òní ni kí ẹ tàn án, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá tún jí pẹ́.
3. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó ṣí áàpù ìránnilétí náà, ẹ padà síbẹ̀, kí ẹ wo aago tó wà lára ìfitónilétí rẹ̀.

Tí aago ibẹ̀ bá jẹ́ 5:30 géérégé, ó jí, ohùn ni kò ní. Tó bá jẹ́ 5:52, tó sì jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an lẹ gbé fóònù nílẹ̀, ó pẹ́ ni: fóònù náà ń sùn, ọwọ́ yín ló jí i, òun náà wá rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kò jí rárá. Wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ni àkọsílẹ̀ yìí ń tọ́jú, nítorí náà ẹ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó dàlẹ́.

## Ìdánwò tí kì í parọ́

1. Ẹ ṣètò ìránnilétí sí àárín òru tàbí ìdájí, ó kéré tán wákàtí mẹ́ta sí ìgbà tí ẹ máa gbé fóònù sílẹ̀.
2. Ẹ yọ ṣájà. Ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, kí ó má ṣe wà lórí ibùsùn tí ẹ̀ ń yí lé. Ẹ pa ojú rẹ̀.
3. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.
4. Ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: ṣé ó wà lórí ṣájà, aago wo ni àkọsílẹ̀ sọ pé ó hàn, ṣé ẹ gbọ́ ohùn.
5. Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lálẹ́ kan. Ẹni tó yí ohun mẹ́rin padà lẹ́ẹ̀kan náà lè rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò ní í mọ ewé tó jẹ́.

Ìkìlọ̀: Ẹ má ṣe fi aláàmù áàpù aago sí ẹ̀gbẹ́ ìránnilétí tí ẹ̀ ń dán wò. Android máa ń jí ara rẹ̀ díẹ̀ ṣáájú kí aláàmù aago tó dún. Tí ìránnilétí yín bá wà ní 5:30, tí aláàmù sì wà ní 5:35, aláàmù yẹn ló máa jí fóònù, ìránnilétí á sì bá a wọlé bí ẹni tí kò pẹ́ rárá. Tí ẹ bá bẹ̀rù pé ẹ ò ní í jí, ẹ fi aláàmù náà sí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀.

## Ohun tí fóònù ìyá mi ṣe

Ìyá mi ń lo oògùn ìfúnpá gíga ní 5:30 ìdájí. Áàpù kan ló ń rán wọn létí, kò sì já wọn kulẹ̀ rí lórí fóònù wọn àtijọ́. Mo ra tuntun fún wọn, Android 14 ló wà lórí rẹ̀, mo sì kó gbogbo ohun tó wà lórí ti àtijọ́ sínú rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi pè mí: "Ọmọ mi, fóònù olówó ńlá yìí ya ọ̀lẹ. Ọjọ́ tó bá wù ú ló ń pè mí."

Ọ̀rọ̀ "ọjọ́ tó bá wù ú" yẹn ni mo dì mú. Mo ní kí wọ́n máa sọ bí òru ṣe rí fún mi, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀:

- Ọjọ́ Ajé: iná wà mọ́jú, fóònù wà lórí ṣájà. Ó dún ní 5:30.
- Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: kò sí iná. Ó hàn ní 5:52, nígbà tí wọ́n gbé fóònù láti tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀.
- Ọjọ́rú: kò sí iná. Ó hàn ní 6:04, bákan náà.
- Ọjọ́bọ̀: iná dé láàárín òru, ṣájà ti wà lára fóònù tẹ́lẹ̀. Ó dún ní 5:30.

Iná ni fóònù náà ń tẹ̀ lé. Tí Android bá wà láìsí ṣájà, tí ojú rẹ̀ kú, tí kò sì sí ẹni tó gbé e kúrò lójú kan fún ìgbà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé kí bátìrì má baà tán. Láti Android 6.0 ló ti wà bẹ́ẹ̀. Nínú òògbé yẹn, á kó iṣẹ́ àwọn áàpù jọ, á máa lajú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ṣe wọ́n, bí òru bá sì ṣe ń lọ ni àlàfo láàárín ìlajú kan sí èkejì ń gùn sí i. Tó bá wà lórí ṣájà, kì í tòògbé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí iná kì í lọ nílé rẹ̀ fi lè lo áàpù kan náà lọ́dún gbáko kó má rí àléébù rẹ̀, tí ẹlòmíì á sì rí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òògbé ni tiyín, òru méjì tó: ọ̀kan lórí ṣájà, ọ̀kan láìsí ṣájà.

## Tó bá pẹ́: ìyọ̀ǹda aago gan-an

Oríṣi méjì ni aago tí áàpù lè bẹ fóònù fún. Èkíní ni "jí mi ní 5:30 gan-an, bí o tilẹ̀ ń tòògbé." Èkejì ni "jí mi ní nǹkan bíi 5:30, nígbà tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn." Èkejì yìí ni òògbé ń fà sẹ́yìn.

Láti Android 12 ni àwọn áàpù kan ti nílò ìyọ̀ǹda àkànṣe kí wọ́n tó lè bẹ fún aago gan-an. Láti Android 14, ọ̀pọ̀ áàpù tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí fóònù kì í rí ìyọ̀ǹda náà gbà fúnra wọn mọ́, àyàfi àwọn tó jẹ́ pé aago tàbí kàlẹ́ńdà gan-an niṣẹ́ wọn. Ibi tó ti mú mi nìyí: tí ẹ bá kó ẹrù áàpù láti fóònù àtijọ́ sórí tuntun tó ń lo Android 14, ìyọ̀ǹda yẹn kì í bá ẹrù wá. Gbogbo ìránnilétí ìyá mi wà nínú áàpù náà, tò lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú aago wọn. Àṣẹ ni kò sí. Dípò kí áàpù náà pariwo pé òun ò ní àṣẹ, ó rọra lọ gba oríṣi aago kejì. Èmi tí mo kó ẹrù ni mo dá a sílẹ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n pe fóònù lọ́lẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó jẹ́wọ́.

Ohun tí mo ṣe nìyí:

1. `Settings`, `Apps`, `Special app access`, `Alarms & reminders`.
2. Wá orúkọ áàpù náà, kí o tan bọ́tìnì rẹ̀.
3. Ṣí áàpù náà, pa ìránnilétí tó wà níbẹ̀ rẹ́, kí o sì kọ ọ́ tuntun. Áàpù tó mọṣẹ́ á tún aago rẹ̀ bẹ̀ fúnra rẹ̀ tí ìyọ̀ǹda bá dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló mọṣẹ́.
4. Tún ìdánwò òru ṣe láìsí ṣájà.

Tí orúkọ áàpù náà kò bá sí nínú `Alarms & reminders` rárá, ó lè jẹ́ pé kò nílò ìyọ̀ǹda náà, ó sì lè jẹ́ pé kò béèrè fún aago gan-an láyé rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí, kò sí bọ́tìnì tó lè gbà á. Ẹ wá áàpù mìíràn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé kí ẹ lọ sí `Apps`, ẹ mú áàpù náà, `Battery`, kí ẹ sì yan `Unrestricted`. (Lórí àwọn fóònù kan, `Allow background usage` lẹ máa kọ́kọ́ rí, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà gan-an, ẹ má tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àwọn àṣàyàn tó hàn.) Ó dára kí ẹ ṣe é, pàápàá tí ẹ bá bá a lórí `Restricted`. Ṣùgbọ́n `Unrestricted` kò sọ aago oríṣi kejì di ti àkọ́kọ́. Tí áàpù bá ní "nígbà tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn", òògbé ṣì lè fà á sẹ́yìn.

## Tí kò bá jí rárá

Níhìn-ín, áàpù náà ti kú kí aago tó pé, tàbí aago rẹ̀ ti nù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí, láti orí èyí tó wọ́pọ̀ jù.

Ṣé ẹ máa ń gbá gbogbo áàpù dànù kí ẹ tó sùn? Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, gbígbá áàpù kúrò nínú àwọn tí ẹ ṣí kẹ́yìn kò pa aago rẹ̀ lára. Lórí àwọn kan, ilé-iṣẹ́ ti ṣe é kó dọ́gba pẹ̀lú `Force stop`, èyí sì ń pa gbogbo aago áàpù náà rẹ́ títí ẹ ó fi fọwọ́ ara yín ṣí i. Ẹ fi í sílẹ̀ lálẹ́ kan láì gbá a dànù, kí ẹ wò ó. Áàpù "agbálẹ̀" tó ń fọ mẹ́mórì náà lè ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí.

Ṣé fóònù yín ní olùṣọ́ tirẹ̀? Yàtọ̀ sí ti Android, àwọn ilé-iṣẹ́ kan fi ti ara wọn kún un. Lórí Samsung, ẹ wo `Background usage limits` lábẹ́ `Battery`. Áàpù tó bá wà ní `Deep sleeping apps` kì í ṣiṣẹ́ àyàfi tí ẹ bá ṣí i. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Lórí Xiaomi, `Autostart` lẹ máa wá. Lórí Tecno àti Infinix, ẹ wo inú `Phone Master`, ibi tó ń sọ nípa `Auto-start`.

Ṣé fóònù kú lóru? Nígbàkígbà tí fóònù bá kú tó tún tàn, gbogbo aago tí áàpù bẹ̀ ń nù. Áàpù náà gbọ́dọ̀ jí lẹ́yìn ìtànná kó tún wọn bẹ̀. Tí `Autostart` bá wà ní pípa, kò ní í lè jí. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: lẹ́yìn tí fóònù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ọ̀pọ̀ áàpù kò lè ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi tẹ nọ́ńbà ìṣílẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan. Èyí ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi lẹ́yìn tí mo ti tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Bátìrì tán lóru, iná dé, wọ́n tan fóònù, wọ́n rí i pé ó tàn, wọ́n gbé e kalẹ̀ láì ṣí i, wọ́n sì padà sùn. Ní 5:30, fóònù ń wò bí ẹní jókòó síbi ìsìnkú. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá tan fóònù, wọ́n á tẹ nọ́ńbà kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀, kò sì tún ṣẹlẹ̀.

Ṣé ó ti dún fún oṣù mélòó kan kó tó dákẹ́? Android máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ áàpù tí ẹ kò lò fún oṣù mélòó kan, á sì gba àwọn ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Ẹ lè ní ẹ̀ ń lò ó lójoojúmọ́, nítorí ó ń dún, ẹ sì ń gbá ìfitónilétí rẹ̀ dànù. Lójú Android, gbígbá a dànù kì í ṣe lílò. Ẹ lọ sí ojú ewé áàpù náà lábẹ́ `Apps`, kí ẹ sì pa `Pause app activity if unused`.

## Tó bá hàn ṣùgbọ́n tó dákẹ́

Èyí ló rọrùn jù, ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún un:

- [ ] `Settings`, `Apps`, áàpù náà, `Notifications`: ṣé ó tàn? Láti Android 13, áàpù gbọ́dọ̀ tọrọ ìyọ̀ǹda kó tó lè fi nǹkan hàn yín. Ẹni tó bá ti tẹ `Don't allow` nítorí ìkánjú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti pa á lẹ́nu mọ́. Ní tòótọ́, kò tilẹ̀ ní í hàn rárá.
- [ ] Lójú ewé kan náà, ẹ tẹ ẹ̀ka ìfitónilétí tó jẹ́ ti ìránnilétí. Ṣé `Default` ló wà àbí `Silent`? Ẹni tó bá tẹ ìfitónilétí mọ́lẹ̀ lè ti yan `Silent` láì mọ̀. Àwọn ọmọ ilé ló sábà máa ń ṣe èyí.
- [ ] Ṣé ohùn ìfitónilétí lọ sókè? Ohùn aláàmù yàtọ̀ sí i, bọ́tìnì wọn sì yàtọ̀. Aláàmù lè máa pariwo gee kí ìránnilétí má lè sọ̀rọ̀.
- [ ] Ṣé `Do Not Disturb` ń tàn fúnra rẹ̀ lóru? Tó bá gba `Alarms` láyè, ìyẹn ò sọ pé ó gba `Reminders`. Bọ́tìnì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

## Fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tí kò fẹ́ dúró dòru

Tí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń lo `adb`, ẹ lè fi tipátipá mú fóònù tòògbé lọ́sàn-án. Ẹ ṣètò ìránnilétí sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, ẹ pa ojú fóònù, kí ẹ wá tẹ:

```
adb shell dumpsys battery unplug
adb shell dumpsys deviceidle force-idle
```

Tí aago bá pé tí kò dún, ẹ ti rí i mú. Ẹ tú u sílẹ̀ báyìí:

```
adb shell dumpsys deviceidle unforce
adb shell dumpsys battery reset
```

Ẹ má gbàgbé ìlà ìkẹyìn yẹn o. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, fóònù á máa rò pé kò sí lórí ṣájà nígbà tó wà níbẹ̀. Láti mọ̀ bóyá áàpù náà bẹ aago kankan, ẹ fi orúkọ tí áàpù náà ń jẹ́ nínú Android rọ́pò `com.example.app`:

```
adb shell "dumpsys alarm | grep com.example.app"
```

Tí kò bá mú ìlà kankan jáde, kò sí aago tó wà nílẹ̀ fún un. Ẹ padà sí abala "Tí kò bá jí rárá".

## Ti iPhone

Lórí iPhone, ọwọ́ fóònù fúnra rẹ̀ ni áàpù ń fi ìránnilétí sí, nítorí náà bátìrì kì í sábà jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo `Settings`, `Notifications`, orúkọ áàpù náà, kí ẹ rí i pé `Sounds` tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo `Focus`, bọ́tìnì ìdákẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, àti `Scheduled Summary`, tó ń kó ìfitónilétí jọ di àsìkò tí ẹ yàn.

Ìdẹkùn kan wà tí kò hàn sójú. Ìránnilétí 64 péré ni iPhone ń tọ́jú fún áàpù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Áàpù oògùn tó bá to ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fún oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, á kún lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ohun tó bá kù á ṣòfò láìsí ìkìlọ̀. Tí tiyín bá ń dún dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ ṣí áàpù, tó sì ń dákẹ́ títí ẹ ó fi tún ṣí i, ẹ fura sí èyí. Ẹ máa ṣí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

## Tí gbogbo rẹ̀ bá kùnà

Fún ohun tí kò gbọ́dọ̀ bọ́, bí oògùn, ẹ lo aláàmù inú áàpù aago tó bá fóònù wá, kí ẹ sì kọ orúkọ oògùn náà sára rẹ̀. Òògbé kì í dí i lọ́wọ́, ohùn aláàmù ló ń lò, a sì sábà máa ń ṣe é kó lè dún kódà tí ẹ kò bá tíì ṣí fóònù lẹ́yìn ìtànná. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò lè ka iye oògùn tó kù, kò sì mọ̀ bóyá ẹ ti lò ó. Ìyá mi ń lo méjèèjì báyìí: áàpù ní 5:30, aláàmù ní 6:30. Lọ́jọ́ tí aláàmù bá ṣáájú áàpù pè wọ́n, wọ́n á pè mí kí n wá wò ó.